Ìwé Àyẹ̀wò Àtọ̀: Òkè La Ti Ń Bẹ̀rẹ̀ Kíkà Rẹ̀

Bí ọkùnrin bá gba èsì àyẹ̀wò àtọ̀ lọ́wọ́ wa ní láàbù, ojú rẹ̀ kì í dúró lókè ìwé. Àárín ló máa ń sáré lọ, níbi tí a kọ iye mílíọ̀nù sí. Tó bá ti rí i pé tirẹ̀ kéré sí èyí tí a tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n, ó tán. Á ká ìwé náà sí mẹ́rin, á tì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, á wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé mo ṣì lè bímọ?" N kì í dá a lóhùn àfi tí mo bá gba ìwé náà padà, tí mo ṣí i, tí mo sì ka òkè rẹ̀ sí i létí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo àtọ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, n kò sì tíì rí èsì kan tí nọ́ńbà àárín rẹ̀ dá ìtumọ̀ ní láìsí ohun tó wà lókè.

Ohun tó wà lókè kò pọ̀: iye ọjọ́ tí ọkùnrin náà fi yẹra fún obìnrin, ibi tó ti gba àtọ̀ náà, aago tó gbà á, aago tí a gbé e sábẹ́ awò, àti bóyá gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sínú ike. Ìwé tí kò ní àwọn ìlà yìí, tàbí tó ní wọn ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣófo, mo máa ń sọ fún ẹni tó mú un wá pé kó má tíì sunkún lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọjọ́ ìyẹra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ń ṣe ìwé ìlànà tí àwa ará láàbù ń tẹ̀ lé, ohun tó sì sọ ni pé kó má dín ní ọjọ́ méjì, kó má sì ju méje lọ. Àwọn ọkùnrin wa gbà pé bí àwọn bá ṣe pa á mọ́ pẹ́ tó ni yóò ṣe dára tó, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn wà ní ìlú kan tí ìyàwó wà ní òmíràn. Lóòótọ́, iye sípáàmù á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti pẹ́ níbi tí wọ́n kó jọ sí á ti máa kú, a ó sì rí ọ̀pọ̀ lábẹ́ awò tí kò ní mira. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ méjì pa á mọ́ lè ní mílíọ̀nù tó gbayì àti ìrìn tó burú, nígbà tí ẹni tó ṣe é ní àná á ní ìrìn tó dáa àti iye tó kéré. Àwọn méjèèjì lè ní ara tó pé.

Èyí tó ń ba èsì jẹ́ jù ni ti ike. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó jáde lára ọkùnrin ni ọ̀pọ̀ jù lọ sípáàmù wà nínú rẹ̀. Omi tó ń tẹ̀ lé e wá láti inú àpò omi méjì tó wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀, sípáàmù inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ dà sílẹ̀, omi ló kó wá fún wa. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ń fẹ́ kí ọkùnrin bá ìyàwó rẹ̀ lò kó sì fa ara rẹ̀ yọ nígbà tó bá kù díẹ̀. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù tí a rà ní kẹ́míìsì náà kò dáa, torí ohun tí wọ́n fi ń mú un yọ̀ àti oògùn tó wà lára àwọn kan ń pa sípáàmù. Ọṣẹ, basilíìnì àti itọ́ ẹnu náà ń ṣe é ní ibi. Àwọn àgbà kan wà tí ẹ̀sìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn mú un jáde. N kì í bá wọn jiyàn. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù tí kò ní oògùn kankan lára wà fún irú àyẹ̀wò yìí, kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ láàbù tó mọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni aago. Ó yẹ kí a ti máa wo àtọ̀ láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan tó jáde. Kò gbọ́dọ̀ tutù, kò sì gbọ́dọ̀ gbóná ju ara èèyàn lọ. Mo ti rí ike tí wọ́n gbé sí iwájú mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán, mo sì ti rí èyí tí wọ́n dì mọ́ omi tútù nínú náílọ́ọ̀nù kí ó "má baà bàjẹ́". Méjèèjì ti bàjẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́ aṣọ, lára ẹni, ni ibi tó yẹ ẹ́ jù tí kò bá ṣeé ṣe láti gbà á ní láàbù fúnra rẹ̀.

Ní báyìí, a lè wá sí àárín. Àtọ̀ máa ń ki nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, á wá yọ́ fúnra rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí wákàtí kan. A ó wọn ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá ti tó mílílítà 1.4, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Iye sípáàmù tó wà nínú mílílítà kan ni ó kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀nà tí a gbà kà á ló ń sọ bóyá kí ẹ gbà á gbọ́.

Àwo gíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Niúbáwà. Wọ́n gbẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín rẹ̀ tó fi pín sí ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, omi tí gbogbo wọn sì lè gbà kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mílílítà lọ. A ó fi oògùn tó ń dá sípáàmù dúró là àtọ̀ náà, a ó fi í sábẹ́ gíláàsì, a ó jẹ́ kó rọlẹ̀, a ó wá máa kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ní kí a ka tó igba, ó kéré tán, kí a sì tún ka igba mìíràn láti inú èyí tí a là lọ́tọ̀, kí a fi méjèèjì wéra. Tí wọ́n bá jìnnà síra jù, a ó da wọ́n nù, a ó tún un ṣe. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn wàhálà. Ẹni tó ka mẹ́rìndínlógún péré lè fi mẹ́rin ṣì í sókè tàbí sódò nítorí orí ire tàbí orí burúkú lásán, ìyẹn jẹ́ ìdá mẹ́rin iye tó kà. Ẹni tó ka irínwó, ogún ni tirẹ̀, ìyẹn kò ju 5 nínú 100 lọ.

Ọ̀pọ̀ láàbù àdúgbò kì í kà á. Wọ́n á gbé àtọ̀ sábẹ́ awò, wọ́n á wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì fojú díwọ̀n. Ẹ lè mọ irú èsì bẹ́ẹ̀ láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: òdo ló máa ń gbẹ̀yìn gbogbo nọ́ńbà rẹ̀. Mílíọ̀nù 20, mílíọ̀nù 40. 50 ń já fáfá, 30 ń fà tìkọ̀, 20 ti kú. Ara èèyàn kì í pín nǹkan dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n sì kọ pé ó "ti kú" yẹn, wọn kò dán an wò; ohun tí wọ́n rí ni pé kò mira, ìyẹn sì yàtọ̀ sí òkú, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1999, mílíọ̀nù 20 nínú mílílítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sínú ìwé ìlànà rẹ̀. Ní 2010, ó di 15. Nínú èyí tó jáde ní 2021, 16 ni. Àwọn láàbù kan ṣì ń tẹ 20, mo sì ti rí ibi tí wọ́n tẹ 60. Ọkùnrin kan náà tó ní 18 á jẹ́ aláìsàn ní òdìkejì títì, á sì jẹ́ abara-líle lọ́dọ̀ wa.

Báwo ni wọ́n ṣe dé orí 16 gan-an? Wọ́n kó èsì àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàrin ọdún kan jọ, àwọn tí kò sí àní-àní pé wọ́n lè bímọ. Wọ́n tò wọ́n láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó pọ̀ jù, wọ́n wá fa ìlà sí ibi tí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa: àwọn tó wà lábẹ́ ìlà yẹn nínú ìṣirò wọn, bàbá ọmọ ni gbogbo wọn. Ohun tí ìlà náà ń sọ ni pé bí ọkùnrin bá ṣe ń sún mọ́ ìsàlẹ̀ ni oyún á ṣe máa pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó ní mílíọ̀nù 12 lè dúró pẹ́ ju ẹni tó ní 40 lọ, a kò sì lè tìtorí ìyẹn sọ pé kò lè bímọ. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ní 90 kò ní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́, torí láàbù ò lè fojú rí bóyá sípáàmù náà á lè wọ inú ẹyin.

Ìrìn ni mo kà sí ju iye lọ. Sípáàmù tó ń wẹ̀ tààrà, tàbí tó ń lọ yíká ní ọ̀nà tó gbòòrò, la kà sí èyí tó ń tẹ̀ síwájú. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni 30 nínú 100. Àwọn tó ń jà lójú kan tí kò kúrò níbẹ̀ wà, àwọn tó dúró gbári náà sì wà. Bí a bá pa àwọn tó ń tẹ̀ síwájú àti àwọn tó ń jà lójú kan pọ̀, ó yẹ kó tó 42. Ohun kan wà tí ojú máa ń rí tí nọ́ńbà kò sọ. Nígbà mìíràn mo máa ń rí sípáàmù tó lè rìn, ṣùgbọ́n tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn, orí mọ́ orí, tí ìrù wọn ń ṣe wìnrìnwìnrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò sì sí èyí tó lè já. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara ọkùnrin náà ló ń ṣe ohun ìjà sí sípáàmù tirẹ̀ bí ẹni pé àjèjì ni. Mo máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, mo sì máa ń bẹ oníbàárà pé kó fi ìlà yẹn han dókítà.

Bí gbogbo wọn bá dúró gbári, a ó da oògùn pupa kan tí wọ́n ń pè ní iósíìnì lé wọn. Awọ ara òkú á gba àwọ̀ pupa, ti alààyè á funfun. Bó bá jẹ́ pé òkú ló pọ̀, a ó fura sí àìsàn kòkòrò, tàbí àtọ̀ tó pẹ́ nínú ara jù, tàbí ike tó ní ọṣẹ. Bó bá jẹ́ pé wọ́n wà láàyè ṣùgbọ́n tí wọn kò lè mira, a ó fura pé inú ìrù ni àléébù wà, láti ìgbà tí a ti bí ọkùnrin náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì lè bímọ nípa kí dókítà fi abẹ́rẹ́ gún sípáàmù kan ṣoṣo sínú ẹyin ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹ rí i pé "kò mira" méjèèjì kò bá ọ̀nà kan náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n gbé èsì ọkùnrin kan kalẹ̀ kí a kà á pọ̀. Awakọ̀ tírélà ni, ọmọ ọdún 36, ìyàwó rẹ̀ jẹ́ 29. Ọdún méjì ni wọ́n ti gbéra wọn níyàwó. Èsì tó mú wá láti láàbù mìíràn sọ pé àtọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílílítà 1.2, mílíọ̀nù 6 nínú mílílítà kan, 12 nínú 100 ló ń tẹ̀ síwájú, 2 nínú 100 ni ìrísí rẹ̀ dáa. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọyún pọ̀ nínú rẹ̀, pé kòkòrò sítáfù sì hù nínú rẹ̀ púpọ̀púpọ̀. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti gba abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì ti mu agbo àtọ̀sí oríṣi méjì.

Mo bi í ní ohun tó yẹ kó wà lókè ìwé. Ọjọ́ méjìlá ló ti wà lójú ọ̀nà kó tó ṣe àyẹ̀wò. Ilé ló ti gbà á. Díẹ̀ dà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ní kò ju bínńtín lọ. Ìyàwó rẹ̀ fi ike sí fíríìjì títí ọlọ́kadà fi dé. Mo wá bi í bóyá ibà ti mú un láìpẹ́ yìí, ó ní ibà mú un dùbúlẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, tí ara rẹ̀ gbóná débi pé wọ́n fa omi sí i lára.

Ti ibà yìí ṣe pàtàkì nílùú tiwa ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Sípáàmù ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 láti dàgbà nínú kórópọ̀n, á sì tún lo bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó gbọ́n láti wẹ̀. Èyí tí ọkùnrin bá gbé wá sí láàbù lónìí, nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ibà líle tó ṣẹlẹ̀ ní àárín àkókò yẹn á hàn nínú àtọ̀ nígbà tí ẹni náà ti gbàgbé pé ibà mú òun rí. Mo sọ fún awakọ̀ wa pé kó lọ jẹun, kó sùn, kó dín sìgá kù, kó má mu agbo mọ́, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó fi ọjọ́ mẹ́ta péré yẹra, kó sì wá gbà á nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa.

Ó padà wá. Mílílítà 2.8. Nítorí pé àtọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lójú, ìlọ́po márùn-ún péré la là á. A ka 220 nínú ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyẹn sì já sí mílíọ̀nù 11 nínú mílílítà kan. Èyí tó ń tẹ̀ síwájú jẹ́ 28 nínú 100, ìrísí tó dáa jẹ́ 3.

Ibi tí ojú ọkùnrin máa ń tàn án nìyí. Tó bá fi 6 wé 11, á ní kò kúkú sí ìyàtọ̀ ńlá, méjèèjì ò tó 16. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n, iye àti ìrìn, ara wọn la fi ń sọ wọ́n di púpọ̀ kí a tó mọ ohun tó wà nílẹ̀. Nínú èsì àkọ́kọ́, 1.2 lọ́nà 6 jẹ́ mílíọ̀nù 7.2, 12 nínú 100 rẹ̀ kò pé mílíọ̀nù kan, 0.86 ni. Nínú èkejì, 2.8 lọ́nà 11 jẹ́ mílíọ̀nù 30.8, 28 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 8.6. Ìlọ́po mẹ́wàá gééré. Ọ̀pọ̀ dókítà tó mọ iṣẹ́ yìí, nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ni wọ́n ń wò. Bó bá ju 20 lọ, wọ́n á ní kí tọkọtaya máa gbìyànjú nílé. Bó bá wà ní àárín 5 sí 10, wọ́n lè dábàá pé kí a fọ àtọ̀ náà, kí a sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e sínú ilé ọmọ. Bó bá ti kéré sí 1, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ inú ẹyin ni wọ́n máa ń sọ, owó rẹ̀ sì pọ̀. Èsì àkọ́kọ́ ì bá ti gbé ọkùnrin yìí dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Síbẹ̀, 8.6 kì í ṣe 20, nítorí náà mo ní kó lọ rí dókítà tó ń tọ́jú nǹkan ọkùnrin. Dókítà ní kó dìde dúró, kó wúkọ́, ó sì fọwọ́ bà á: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lókè kórópọ̀n òsì ti wú, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn. Fárikosíìlì nìyẹn. Kórópọ̀n máa ń fẹ́ kí òun tutù ju inú ara lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n méjì, ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi so ó síta. Bí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó padà sókè bá ń kó jọ sí ibẹ̀, ooru á mú un. Nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ló ní in, púpọ̀ wọn sì ń bímọ láì mọ̀ pé ó wà. Láàrin àwọn tó wá sí ilé ìwòsàn torí àìrọ́mọbí, ó máa ń tó 35 sí 40. Èyí tí ọwọ́ bá lè bà, tí èsì àtọ̀ sì lọ sílẹ̀, ni iṣẹ́ abẹ wà fún. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ àwòrán nìkan ló rí i, kí ẹ bi dókítà dáadáa kí ẹ tó san owó.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó jẹ́ mílílítà 2.9, mílíọ̀nù 19, 36 nínú 100 ń tẹ̀ síwájú. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ ó bá nǹkan bí mílíọ̀nù 20 níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lóyún lọ́dún tó tẹ̀ lé e. N kò ní búra pé iṣẹ́ abẹ ló ṣe é, torí 8.6 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè bí ọmọ bó bá pẹ́.

Ó ku ti sítáfù àti ti ọyún tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń bá lọ. Ara awọ èèyàn ni sítáfù ń gbé: lọ́wọ́, lẹ́nu okó, lára ike tí a ṣí sílẹ̀. Ọkùnrin tí kò fọ ọwọ́ àti nǹkan rẹ̀ kó tó gba àtọ̀, a ó rí i tó hù nínú àwo wa, á pọ̀, á sì lẹ́wà, kò sì ní jẹ́ ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí wọ́n pè ní ọyún náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì roboto ni wọ́n rí. Àwọn kan nínú wọn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn mìíràn sì lè jẹ́ sípáàmù tí kò tíì dàgbà, oògùn àwọ̀ kan sì wà tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ funfun bá ju mílíọ̀nù kan lọ nínú mílílítà kan, ó tó ká wádìí kòkòrò. Nígbà tí a ṣe é fún awakọ̀ wa, kò tó ìdajì ìyẹn. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá náà kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú rẹ̀.

Ìrísí ni mo fi sẹ́yìn, nítorí òun ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù tó sì níye lórí kéré jù. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni 4 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin tí ara rẹ̀ le, 96 nínú ọgọ́rùn-ún sípáàmù rẹ̀ lè má dáa lójú. Ìlànà líle tí wọ́n mú wá láti ilé ìwòsàn Taigabẹ́ẹ̀gì ní gúúsù Áfíríkà ni a fi ń wò wọ́n: orí gbọ́dọ̀ rí bí ẹyin, kó gùn ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, fìlà tó bo iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba bí ìdajì, ọrùn kò gbọ́dọ̀ wọ́, ìrù kò gbọ́dọ̀ ká. Èyí tí orí rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ jù ti jáde nìyẹn. Onímọ̀ méjì lè wo gíláàsì kan náà, kí ọ̀kan kọ 2 kí èkejì kọ 5, láìsí ẹni tó purọ́. Ìyàwó kan ti bi mí rí bóyá ọmọ tí òun bá bí á ní orí méjì nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sínú èsì ọkọ òun. Rárá o, ìyá mi. Ìrísí sípáàmù kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìrísí ọmọ. Bí iye àti ìrìn bá dáa, n kì í jẹ́ kí 1 tàbí 2 lórí ìrísí lé ẹnikẹ́ni lọ sí ibi tí wọ́n ti ń náwó. Ẹyọ kan tó yàtọ̀ ni kí gbogbo orí wọn rí roboto láìsí fìlà. Ìyẹn kò lè wọ ẹyin fúnra rẹ̀, ojú sì máa ń mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ torí gbogbo wọn jọra.

Nípa ẹni tí wọ́n kọ òdo fún, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ yí àtọ̀ náà títí ohun tó wà nínú rẹ̀ fi rọ̀ sí ìsàlẹ̀, nítorí sípáàmù mélòó kan lè sápamọ́ síbẹ̀. Kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ṣì jẹ́ òdo, ìlà tí ẹnikẹ́ni kò kà tẹ́lẹ̀ ló ń dá ẹjọ́. Bí ìwọ̀n àtọ̀ bá kéré gan-an tí bébà sì fi hàn pé ó kan, ó ṣeé ṣe kí ojú ọ̀nà dí tàbí kó má sí rárá láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n wo ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣe tán, torí àtọ̀ lè máa padà sínú àpò ìtọ̀. Bí ìwọ̀n bá pé tí kórópọ̀n náà sì tóbi bó ṣe yẹ, àtọ̀sí àtijọ́ lè ti dí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kórópọ̀n bá kéré, tí họ́mọ́ọ̀nù FSH inú ẹ̀jẹ̀ sì lọ sókè, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Ṣegede tó mú un lẹ́yìn tó ti bàlágà wà lára ohun tó lè fà á. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gba abẹ́rẹ́ testosítẹ́róònù kí igẹ̀ yín lè fẹ̀ tàbí kí ẹ lè lágbára lọ́dọ̀ ìyàwó, ọpọlọ á rò pé iṣẹ́ ti pọ̀ tó, á sì dá iṣẹ́ kórópọ̀n dúró. FSH á lọ sílẹ̀ dípò kó gòkè, àtọ̀ á sì di òdo. Ó sábà máa ń padà bí ẹ bá dá a dúró, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó máa wá àìsàn tí kò sí.

Oṣù mẹ́ta tí mo ní kí awakọ̀ wa fi dúró yẹn, n kì í fún gbogbo èèyàn. Ọmọ ọdún 29 ni ìyàwó tirẹ̀. Bí obìnrin bá ti lé ní ọdún 35, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dé déédéé, tàbí tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí nísàlẹ̀ ikùn, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ gba èsì àkọ́kọ́, kí àyẹ̀wò kejì ti ọkọ máa bọ̀ lẹ́yìn.